Nọ́ńbà 640 ló wà lórí fóònù mi, àwọn tó ń wo ọjà mi ò ju 70 lọ

Ẹlẹ́ja Apẹtẹ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọlọ́jà Ìbàdàn. Ẹja àrọ̀ yíyan ni mò ń tà. Apẹtẹ ni mò ń gbé, ẹ̀yìnkùlé mi níbẹ̀ náà ni mo ti ń yan án. N kò ní ìsọ̀ kankan. Láti nǹkan bí ọdún kan ààbọ̀ sẹ́yìn, orí Wásáàpù ni èmi àti àwọn oníbàárà mi ti ń pàdé.

Nǹkan méjì ló ń dà mí láàmú. Àkọ́kọ́, nọ́ńbà 640 ló wà lórí fóònù mi, ṣùgbọ́n bí mo bá gbé ẹja sórí sítétọ́ọ̀sì, àwọn tó ń wò ó kì í ju 70 lọ. Mo wọ gúrúùpù mẹ́rìnlá, àràárọ̀ ni mò ń fi àwòrán síbẹ̀, wọ́n sì ti yọ mí kúrò nínú mẹ́ta. Èkejì ni owó ọlọ́kadà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, obìnrin kan ní Àkóbọ̀ fẹ́ ra ẹja ₦6,500. Dìsípáàṣì ní ₦3,000 lòun máa gbà kóun tó gbé e dé ibẹ̀. Obìnrin náà ní kí ẹja náà máa jókòó sọ́dọ̀ mi. Mi ò lè bá a wí, nítorí èmi náà ò ní rà á bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wà lẹ́nu rẹ̀ ṣáájú mi, báwo lẹ ṣe ń ṣe é?

Bàbá Kọ̀ǹpútà

Ohun tẹ́ ẹ̀ ń gbé síta ló kéré jù. Ẹ gbé tó ogún tàbí ọgbọ̀n àwòrán lójúmọ́, kí ẹnikẹ́ni tó bá ṣí fóònù má lè fò yín kọjá. Èkejì, ẹ ṣe búródíkáàsì. Bẹ́ ẹ bá lọ sí `New broadcast`, èèyàn 256 ni ẹyọ kan ń gbà. Ẹ ṣe mẹ́ta, gbogbo àwọn 640 náà ti bọ́ sínú rẹ̀ nìyẹn. Ẹ kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, yóò dé ọ̀dọ̀ gbogbo wọn bí ẹni pé ẹ kọ ọ́ sí wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Alásọ Gbági

Bàbá, òótọ́ ni ti 256 yẹn, ṣùgbọ́n kò ní dé ọ̀dọ̀ gbogbo wọn. Ẹni tí kò bá fi nọ́ńbà yín pamọ́ sórí fóònù tirẹ̀, búródíkáàsì kò ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ rárá. Bẹ́ẹ̀ náà ni sítétọ́ọ̀sì. Kì í ṣe pé kí ẹ̀yin ní nọ́ńbà rẹ̀ nìkan, òun náà gbọ́dọ̀ ní tiyín. Ọdún méjì gbáko ni mo fi ń yọ ara mi lẹ́nu kí n tó mọ̀. Ilé ìyàwó, ilé ìkómọ, ibi gbogbo ni mo ti ń gba nọ́ńbà àwọn èèyàn, inú mi ń dùn pé mo ti ní oníbàárà, èmi nìkan ni mo sì ń fi tiwọn pamọ́.

Ẹlẹ́ja Apẹtẹ, ẹ lè fi búródíkáàsì yẹn dán wọn wò. Ẹ kọ ìkíni kan ṣoṣo tó mọ́gbọ́n dání, ẹ má fi ọjà sí i. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, ẹ tẹ ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀, kẹ́ ẹ wo `Info`. Orúkọ àwọn tó dé ọ̀dọ̀ wọn máa wà níbẹ̀. Nínú àwọn tí kò bá sí níbẹ̀, ẹlòmíì ti pààrọ̀ fóònù, ẹlòmíì ti dínà mọ́ yín, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni kò fi nọ́ńbà yín pamọ́. Nígbà tí mo ṣe tèmi, nínú 400 tí mo fi ránṣẹ́, 130 ló dé. Mo jókòó, mo ń wò ó.

Ọ̀nà tí mo gbà tún un ṣe ni pé bí ẹnìkan bá ra aṣọ lọ́wọ́ mi, tó sì ti rí i gbà, ọjọ́ yẹn gan-an ni mo máa ń fi káàdì nọ́ńbà mi ránṣẹ́ sí i lórí Wásáàpù, èyí téèyàn kàn máa tẹ̀ tó fi máa wọlé. Inú rẹ̀ ṣì ń dùn sí aṣọ nígbà náà. Bí ẹ bá dúró di ọ̀sẹ̀ kejì, kò ní ṣe é mọ́.

Ìyá Ọlọ́bẹ̀ Ṣálẹ́ńjì

Ẹ kú làálàá o. Bí ẹja bá ti ń jókòó síbẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ tètè wá nǹkan ṣe sí i kó tó bu funfun. Ohun tó máa ń fà á ni pé ẹ dì í sínú ọ̀rá nígbà tó ṣì gbóná. Ooru inú rẹ̀ á di omi lára ọ̀rá, ibẹ̀ ni ìbukúbu ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó tutù dénú, kó sùn mọ́jú lórí asẹ́ lábẹ́ àwọ̀n kí eṣinṣin má bà lé e, kẹ́ ẹ tó dì í. Èyí tó bá ti ń rọ̀ lọ́wọ́, ẹ dá a padà sórí iná díẹ̀.

Ẹlẹ́ja Apẹtẹ

Ẹ ṣé mà. Kò tíì bu o, ẹni tó fẹ́ rà á ni kò rà á mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ti bá mi sọ ohun kan tí n kò mọ̀, torí ẹnìkan ní Molété ti bínú sí mi rí pé ọ̀rá ẹja òun ń làágùn. Alẹ́ ọjọ́ tí mo yan án ni mo dì í lọ́jọ́ náà.

Alásọ Gbági, mo máa dán ti búródíkáàsì yẹn wò lálẹ́ òní.

Oníbàárà Bódìjà

Èmi kì í tajà, rírà ni mò ń rà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹ̀gbẹ́ tiwa. Bàbá Kọ̀ǹpútà ní kí wọ́n gbé ọgbọ̀n àwòrán. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ lórí fóònù mi, ọjọ́ kejì ni mo máa ń pa á lẹ́nu mọ́. Orúkọ rẹ̀ á lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, mi ò ní rí i mọ́, kò sì ní mọ̀. Mo ti ṣe é fún àwọn mẹ́fà. Àbúrò mi tòótọ́ wà nínú wọn, bàtà ló ń tà.

Àwòrán mẹ́rin ni mo lè fara dà. Kí iye owó wà lára èkíní. Ẹni tó bá kọ ọ́ pé kí n wá béèrè owó ní kọ̀rọ̀, ó ti gbà pé mo ní àsìkò. Ibi iṣẹ́ ni mo ti ń wò ó, mo ń sáré wò ó ni.

Tí ẹja bá sì wà nínú àwòrán, ẹ gbé nǹkan tí gbogbo wa mọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ra ẹja lọ́wọ́ ẹnìkan rí tó dà bí apá mi nínú àwòrán. Ìgbà tó dé, ó rí bí ìka ọwọ́.

Alásọ Gbági

Mo gbà yín gbọ́ lórí iye àwòrán. N kò gbà lórí owó. Bí mo bá kọ iye owó léèsì síta, àwọn tá a jọ ń tà á ní Gbági á fi ₦500 dín tiwọn kó tó di ọ̀sán, nítorí àwọn náà ń wo sítétọ́ọ̀sì mi. Àwọn kan wà tí mo ti mú kúrò nínú àwọn tó lè rí i. `My contacts except...` ni mo fi yọ wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n ní ọmọ, wọ́n ní àbúrò.

Oníbàárà Bódìjà

Léèsì lè rí bẹ́ẹ̀. Ẹja ńkọ́? Gbogbo wa la mọ iye tí ẹja ń lọ.

Ìyá Ìbejì Mónátàn

Ọmọ mi Ẹlẹ́ja, mo kí ọ. Èlùbọ́, gaàrí àti epo pupa ni èmi ń tà. Ìyànà Mónátàn ni mo wà, mo sì ń tà dé Apẹtẹ níbi tó o wà yẹn, dé Ọlọ́gùn-ún-ẹrù, dé Ṣálẹ́ńjì. Mo ti ka gbogbo ohun tí wọ́n sọ. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ti ọlọ́kadà, nítorí ibẹ̀ lówó ń gbà jò, ibẹ̀ kan náà ló sì máa tún sítétọ́ọ̀sì rẹ ṣe.

Ohun tó o ń ṣe ni pé ìgbàkígbà tẹ́nikẹ́ni bá ti béèrè, lo ń wá ọlọ́kadà. Ẹja kan, ọ̀nà kan, owó kan. Kò sí bó ṣe lè dín sí ₦3,000 láti Apẹtẹ sí Àkóbọ̀, torí ọlọ́kadà náà máa gbé ọ̀kadà òfìfo padà. Èmi kì í fi ọjà ránṣẹ́ lójoojúmọ́. Ọjọ́rú àti ọjọ́ Àbámẹ́ta nìkan ni. Ẹni tó bá fẹ́ ti Ọjọ́rú gbọ́dọ̀ ti sọ̀rọ̀ kó tó di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó ti lé ní ọdún mẹ́rin tí mo ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀.

Mo pín ìlú sí ọ̀nà mẹ́ta. Tìrẹ kò ní rí bíi tèmi torí Apẹtẹ lo ti ń jáde. Bí èmi bá wà níbi tó o wà, ọ̀nà kìíní mi á gba Sáńgo, Yunifásítì, Bódìjà, Baṣọ̀run, kó parí sí Àkóbọ̀. Èkejì á gba Sáńgo, Mókólá, Dùgbẹ̀, Ring Road, kó parí sí Ṣálẹ́ńjì. Ẹ̀kẹta ni àdúgbò rẹ gan-an, Eléyẹlé àti Ọlọ́gùn-ún-ẹrù, ọmọ ilé lè lọ gbé ìyẹn. Obìnrin Àkóbọ̀ tó kọ ẹja rẹ, ìparí ọ̀nà kìíní ló wà. Tó bá jẹ́ òun nìkan, owó ọlọ́kadà wúwo. Bí àwọn méje mìíràn bá wà lójú ọ̀nà náà, kò wúwo mọ́.

Wo bó ṣe ń lọ lọ́dọ̀ mi. Mo máa ń bá ọlọ́kadà kan ṣoṣo ṣe é, mo sì ń sanwó ìdajì ọjọ́ fún un, kì í ṣe owó ilé kọ̀ọ̀kan. ₦8,000 ni mo ń san báyìí fún ọ̀nà kan, láti aago mẹ́sàn-án sí aago kan. Bí ọjà bá jẹ́ mẹ́jọ, oníbàárà kọ̀ọ̀kan san ₦1,000, owó náà pé. Bí ó bá jẹ́ márùn-ún, mo fi ₦3,000 kún un látinú èrè mi, mo ṣì lè gbà á. Bí kò bá tó márùn-ún, mi ò rán an. Mo máa pe wọ́n lálẹ́ Ìṣẹ́gun pé ó di Àbámẹ́ta. Mo ti sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn kí wọ́n tó rà á, ẹnikẹ́ni kì í fi í jà.

Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe èyí ni mo rí i pé sítétọ́ọ̀sì náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ohun kan náà ni mò ń gbé síbẹ̀ lójoojúmọ́: èlùbọ́ rèé, gaàrí rèé. Sítétọ́ọ̀sì kì í lò ju wákàtí mẹ́rìnlélógún lọ kó tó pòórá, kí ló wá dé tí n ò jẹ́ kó bá ọjọ́ ọjà mi rìn? Ọjọ́ Ajé lálẹ́, mo máa ń gbé ọjà pẹ̀lú iye owó. Ìṣẹ́gun láàárọ̀, mo kọ ọ́ pé: ọ̀nà Bódìjà sí Àkóbọ̀ ku ààyè mẹ́ta. Òótọ́ ni mo máa ń kọ, mi ò purọ́ ààyè rí. Ẹni tó wà ní Baṣọ̀run tó ti ń rò ó láti ọjọ́ Àìkú á kọ̀wé sí mi. Ọjọ́rú lálẹ́, mo gbé àwòrán àwọn ẹrù tí mo ti dì, mo bo orúkọ wọn mọ́lẹ̀. Ọjọ́bọ̀, mi ò gbé nǹkan kan. Mo ń sinmi, àwọn náà ń sinmi.

Nípa orúkọ, gbọ́ èyí. Má kàn sọ fún wọn pé kí wọ́n fi nọ́ńbà rẹ pamọ́. Sọ orúkọ tí wọ́n máa fi pamọ́ sí. Bí wọ́n bá kọ ọ́ sí orúkọ èèyàn bíi Súlíyá, wọ́n á gbàgbé Súlíyá. Bí wọ́n bá kọ ọ́ sí Ẹlẹ́ja Yíyan, ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ se ẹ̀fọ́, wọn á tẹ ẹlẹ́ja sínú fóònù, ìwọ lo máa jáde.

Ọlọ́kadà Ìdí-Àpẹ

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Mo ń gbé ẹrù fún àwọn ọlọ́jà orí Wásáàpù mẹ́rin. Ẹ jẹ́ kí n bá wa sọ ohun tí ẹ̀yin ọlọ́jà kì í rí.

Dídúró ló ń gba àsìkò wa ju ọ̀nà lọ. Mo lè ti Bódìjà dé Àkóbọ̀ kí n tó mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n mo máa dé ẹnu géètì, mo máa pe nọ́ńbà, kò ní gbé e. Tó bá gbé e, á ní òun ń bọ̀. Ogún ìṣẹ́jú. Ilé mẹ́ta bẹ́ẹ̀, wákàtí kan ti lọ. Ìdí nìyẹn tí owó wa fi ń wọ́n fún ọlọ́jà tá ò mọ̀.

Ohun mẹ́ta ni mo máa ń sọ fún àwọn ọ̀gá mi. Ẹ kọ nọ́ńbà méjì fún ẹrù kọ̀ọ̀kan, ti ẹni tó rà á àti ti ẹlòmíì tó wà nílé. Ẹ kọ ohun tójú rí: ilé aláwọ̀ ewé tó kọjú sí ṣọ́ọ̀ṣì, kì í ṣe nọ́ńbà ilé tí kò sí lára ògiri. Ẹ sọ fún wọn lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo máa dúró. Tí mo bá lọ tí mo sì tún padà, owó mìíràn ni.

Ní ti ẹja yíyan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọ̀rá nìkan dì í. Ó máa ń fọ́ nínú àpótí ọ̀kadà. Páálí ló dáa.

Bàbá Kọ̀ǹpútà

Mo gba àtúnṣe lórí ti búródíkáàsì, mo lọ wò ó, òótọ́ ni Alásọ Gbági sọ. Ti àwòrán ọgbọ̀n nìkan ni mo ṣì dúró lé. Àwọn tó ń ta fóònù ní Dùgbẹ̀ ń ṣe é, wọ́n sì ń tà.

Ẹlẹ́ja, ẹ̀yin náà ò ṣe dá gúrúùpù tiyín sílẹ̀? Èèyàn 1,024 ni gúrúùpù kan lè gbà. Ẹ kó gbogbo oníbàárà síbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa yọ yín.

Alásọ Gbági

Mo ti dá a sílẹ̀ rí, mo sì ti pa á rẹ́. Nínú gúrúùpù, gbogbo èèyàn ló ń rí nọ́ńbà gbogbo èèyàn. Ẹnìkan wọlé bí oníbàárà, ó kó nọ́ńbà gbogbo wọn, ó fi àwòrán mi sójú tirẹ̀, ó ń kọ̀wé sí wọn ní kọ̀rọ̀ pé àkáǹtì mi ti yí padà. Àwọn méjì sanwó sí i. Èmi ni mo fún wọn ní aṣọ, n kò lè wò wọ́n lójú.

Bí ẹ bá máa ṣe é, ẹ ti ẹnu rẹ̀ kó jẹ́ pé ẹ̀yin alákòóso nìkan lẹ lè kọ̀wé. Ìyẹn kò ní kí wọ́n má rí nọ́ńbà ara wọn o. Ìkànnì, èyí tí wọ́n ń pè ní `Channel`, kì í fi nọ́ńbà ẹnikẹ́ni han àwọn yòókù. Mo ní ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣí i kéré, sítétọ́ọ̀sì ni wọ́n mọ ọ̀nà rẹ̀.

Ọmọ Póòlì

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ má gbàgbé èyí. Bàtà ni mò ń tà. Ẹnìkan pè mí pé òun ni alákòóso gúrúùpù àwọn ọlọ́jà, pé kí n ka nọ́ńbà mẹ́fà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sórí fóònù mi fún òun kóun lè fi mí kún un. Mo kà á. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, Wásáàpù mi ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń gbé ètò sísọ owó di ìlọ́po méjì sórí sítétọ́ọ̀sì mi, ó ń yá owó lọ́wọ́ àwọn oníbàárà mi. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi gbà á padà. Ẹ tan `Two-step verification` lónìí, ẹ fi nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ tiyín sí i. Ẹnikẹ́ni tó bá béèrè nọ́ńbà mẹ́fà yẹn, kò sí iṣẹ́ rere tó fẹ́ fi ṣe.

Ìyá Ìbejì Mónátàn

Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi.

Ẹlẹ́ja, lórí gúrúùpù mẹ́rìnlá yẹn, jáde nínú mẹ́wàá. Gúrúùpù àwọn onílé àdúgbò ló dáa jù fún oúnjẹ, torí pé ojú ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn wà. Èèyàn 200 ní àdúgbò kan ní Àkóbọ̀ sàn fún ọ ju 1,000 tó fọ́n ká dé Èkó. Kọ̀wé sí alákòóso ní kọ̀rọ̀ kó o tó gbé nǹkan kan síbẹ̀, bi í pé ọjọ́ wo ni wọ́n gbà kéèyàn polówó ọjà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ní ọjọ́ kan. Mo fún alákòóso kan ní kọ́ńgò èlùbọ́ kan lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kó lè jẹ ẹ́ wò. Òun ló wá ń sọ̀rọ̀ mi níbẹ̀ báyìí, èmi kì í sọ̀rọ̀.

Oníbàárà Bódìjà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀rọ̀ lórí owó sísan. Kí n sanwó kí n tó rí ẹja, tàbí kí n rí i kí n tó sanwó? Èmi kì í san án ṣáájú fún ẹni tí n kò mọ̀.

Alásọ Gbági

Owó ṣáájú ni tèmi, gbogbo rẹ̀. Mo ti gbé aṣọ dé Olúyọ̀lé rí, oníbàárà pa fóònù.

Ìyá Ìbejì Mónátàn

Èmi ń gba owó ọlọ́kadà ṣáájú, ìyẹn ₦1,000. Owó ọjà, kó san án tó bá rí i. Ẹni tó ti san ₦1,000 kì í pa fóònù. Lẹ́yìn ìgbà kẹta tó bá ti rà á, ó ń sanwó gbogbo fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé mo béèrè.

Alásọ Gbági

Ìyá mi, ẹni tó san ₦1,000 pa fóònù mọ́ mi rí.

Ọlọ́kadà Ìdí-Àpẹ

Tó bá jẹ́ pé ẹnu géètì ni wọ́n máa ti sanwó, ẹ má fi sí wa lọ́rùn. Wọ́n á fi rísíìtì han mí lórí fóònù wọn, ó máa dà bí òótọ́. Àwọn kan ń ṣe ayédèrú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó wọlé sórí fóònù ọlọ́jà pẹ̀lú lè jẹ́ ayédèrú. Ọlọ́jà ni kó ṣí áàpù báńkì rẹ̀, kó wo iye tó wà nínú àkáǹtì fúnra rẹ̀, kó tó pè mí pé kí n já ẹrù sílẹ̀. Ní Baṣọ̀run lọ́jọ́ kan, mo dúró fún ogójì ìṣẹ́jú, ìyá tó ra ẹrù ń búra, ọ̀gá mi ní òun ò rí nǹkan kan. Mo gbé ẹrù padà. Alẹ́ ni owó náà wá wọlé. Ìyá náà kò ra ọjà lọ́wọ́ ọ̀gá mi mọ́. Ta ló jẹ̀bi? N kò mọ̀ dòní.

Ẹlẹ́ja Apẹtẹ

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá, mo wá jábọ̀.

Mo fi búródíkáàsì dán wọn wò. Nínú 640, 118 péré ló dé ọ̀dọ̀ wọn. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n ọkàn mi balẹ̀ pé kì í ṣe pé ẹja mi ló burú. Mo wá pe àwọn tó ti ra ẹja lọ́wọ́ mi rí, àwọn nìkan, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo kí wọn, mo fi káàdì ránṣẹ́, mo ní kí wọ́n kọ ọ́ sí Ẹlẹ́ja Yíyan. Àwọn tó ń wo sítétọ́ọ̀sì mi wà láàárín 150 sí 165 báyìí. Nọ́ńbà àwọn tí n kò mọ ibi tí mo ti rí wọn, mo pa ọ̀pọ̀ wọn rẹ́.

Mo mú ọ̀nà kan ṣoṣo fún ìbẹ̀rẹ̀, Sáńgo sí Àkóbọ̀, ọjọ́ Àbámẹ́ta nìkan. Ọlọ́kadà tí mo bá sọ̀rọ̀ gbà ₦7,500 fún ìdajì ọjọ́. Àbámẹ́ta kìíní, ẹrù mẹ́ta ni. Mo ti ṣèlérí fún wọn kí n tó ka ohun tí Ìyá Ìbejì sọ nípa márùn-ún, mo fi rán an, mo pàdánù ₦4,500 lórí ọ̀nà. Èkejì, ẹrù mẹ́fà. Ẹ̀kẹta, mẹ́sàn-án, obìnrin Àkóbọ̀ yẹn sì wà nínú wọn. Òun fúnra rẹ̀ ló tún mú aládùúgbò rẹ̀ méjì wá.

Mo ń gbé agolo mílíìkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹja nínú àwòrán. Ariyànjiyàn ìwọ̀n ti dínkù. Èyí tó kù ni pé ẹja tí mo wọ̀n ní Ọjọ́bọ̀, tó bá fi máa di Àbámẹ́ta, ó ti gbẹ sí i, kò wọ̀n tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹnìkan ní Bódìjà ní òṣùwọ̀n nílé, ó wọ̀n ọ́n, ó ní ìdajì kílò mi kò pé. Mo fi ẹyọ kan kún un fún un.

Oníbàárà Bódìjà

Èmi kọ́ o.

Ìyá Ọlọ́bẹ̀ Ṣálẹ́ńjì

Ẹ wọ̀n ọ́n láàárọ̀ tó máa jáde, kì í ṣe lọ́jọ́ tẹ́ ẹ yan án. Tàbí kẹ́ ẹ tà á ní ẹyọ, kẹ́ ẹ pa òṣùwọ̀n tì. Èmi ń ra ẹyọ.

Ìgbà wo lẹ máa bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà Ṣálẹ́ńjì? Mo fẹ́ mẹ́wàá.

Ẹlẹ́ja Apẹtẹ

Mà, bí mo bá rí ẹni mẹ́rin mìíràn lójú ọ̀nà yẹn, Àbámẹ́ta tó ń bọ̀ ni. Ẹ ti di ẹni àkọ́kọ́. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni mo máa pa ìwé dé, mo sì máa pè yín lálẹ́ yẹn bóyá ó ń lọ tàbí kò lọ.